Pẹ́ńṣàn fún aránṣọ tí owó rẹ̀ kì í wọlé déédéé

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Aránṣọ ni mí ní Arákálẹ̀, Àkúré, ọmọ ọdún 43. Oṣù tó bá dáa, mo lè rí ₦150,000 lẹ́yìn ìnáwó. Oṣù mìíràn, agbára káká ni mo fi ń rí ₦20,000. Àjọ ni mò ń dá. Ẹnìkan wá bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn, ó ní kí kálukú máa san ₦8,000 lóṣooṣù. Tí mi ò bá rí i san ńkọ́? Ṣé wọn ò ní gbé e jẹ bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba? Ṣé kí n fi àjọ sílẹ̀?”

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ₦8,000 yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ rárá. Kò sí òfin kankan tó ní kí aránṣọ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ san iye kan pàtó ní ọjọ́ kan pàtó. Òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ ò ti tó mẹ́ta, pé wọ́n lè wọlé bí wọ́n bá fẹ́. Oṣù kẹta ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ wá gbé ètò tiwọn jáde, èyí tí wọ́n pè ní Micro Pension nígbà náà. Ohun tó mú kí ètò náà yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni pé ẹni tó ń san owó ló ń mú iye tó fẹ́ san àti ìgbà tó fẹ́ san án: ojoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, oṣooṣù, tàbí ìgbàkígbà tí ọwọ́ bá dẹ̀. Bí ẹ ò bá rí nǹkan san fún oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó máa bu owó ìtanràn lé yín lórí, wọn ò sì ní ti àkáǹtì yín pa. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á máa jèrè lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé aṣojú tó wá sí ẹgbẹ́ yín dá ₦8,000 kí gbogbo yín lè san bákan náà, kí ó lè rọrùn fún akápò láti kọ sílẹ̀. Ìyẹn dáa fún ìwé akápò, àmọ́ kò bá iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mu, màá sì fi ìṣirò hàn yín láìpẹ́.

Ní ti pé wọ́n á gbé e jẹ, mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá. Kò sí ẹni tó ń gbé Àkúré tí kò mọ olùkọ́ àgbà kan tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó fẹ̀yìn tì, tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fa tiwọn. Nínú ètò àtijọ́, wọn ò fi owó kankan pamọ́ fún olùkọ́ náà ní gbogbo ọdún tó fi ń kọ́ ọmọ. Ìlérí ni ìjọba ṣe fún un, pé tó bá fẹ̀yìn tì, àwọn á san án látinú owó tó bá ń wọlé nígbà náà. Ọdún tí owó ò bá wọlé tó, tàbí tí ìjọba bá fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn, arúgbó ló ń jìyà rẹ̀. Tiyín kì í ṣe ìlérí. Owó tí ẹ bá san lónìí ti wà nínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yín, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN sì ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Kò sí gómìnà tó máa buwọ́ lùwé kí ó tó jáde.

Ọwọ́ mẹ́ta ló sì wà lórí owó náà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣàn tí aṣojú náà ti wá ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó ṣe, ó sì ń ṣe ìwé yín, ṣùgbọ́n owó gan-an kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́tọ̀ ni òfin yàn láti máa pa owó náà mọ́, òun ló sì ń san án jáde. Ẹnìkẹta ni PenCom, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Bí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá jẹ gbèsè, àwọn tó jẹ ní gbèsè ò lè fi owó yín dí i, nítorí kì í ṣe owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ètò yìí wé MMM tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2016. Níbẹ̀, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí owó ti ń sọnù ní tòótọ́ sún mọ́ yín ju Abuja lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ka owó lé aṣojú lọ́wọ́, kódà kí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́, kódà kó jẹ́ ọmọ ìjọ yín. Ẹ má ṣe é. Orí àkáǹtì tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà PEN yín síbi tí báńkì ti ń bèèrè ìdí ìsanwó. Mo ti rí owó tó jókòó fún oṣù púpọ̀ láìní olówó, nítorí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò kọ nọ́ńbà kankan sí i. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ kò le: báńkì á ti yọ owó náà, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣàn ò ní wọlé, kò sì ní hàn nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì tí ẹ bá bèèrè. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá báyìí, ẹ mú rìsíìtì báńkì lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ má jẹ́ kó di ọdún kan.

Ohun kejì tó ń dá obìnrin dúró ni orúkọ. Ọ̀pọ̀ aránṣọ ló fi orúkọ bàbá wọn ṣí àkáǹtì báńkì nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí wọ́n wá fi orúkọ ọkọ gba NIN. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba owó, orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Kó tó di pé ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ mú ìwé NIN yín àti orúkọ tó hàn lórí fóònù nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ gbé wọn ka iwájú ara wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí “Adéṣọlá” bá wà níbì kan tí “Shọlá” sì wà níbì kejì, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí tí kò sí ìkánjú. Bí ẹ bá sì ti ṣiṣẹ́ rí ní iléèwé aládàáni tàbí ilé-iṣẹ́ kankan kó tó di pé ẹ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ṣí àkáǹtì pẹ́ńṣàn fún yín nígbà náà. Ẹyọ kan ni èèyàn ń ní. Bí ti àtijọ́ bá wà, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe máa lò ó fún ètò yìí.

Ní báyìí, bí owó náà ṣe ń pín. Nígbà tí wọ́n dá ètò yìí sílẹ̀, gbogbo owó tó bá wọlé ni wọ́n ń pín sí méjì: 40 nínú 100 wà fún ìgbà tí nǹkan bá le, 60 nínú 100 sì wà fún ọjọ́ ogbó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ bá ti kọ́kọ́ san owó, ẹ lè gba nínú ìpín 40 yẹn pẹ̀lú èrè rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tún lè gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí ó bá pọn dandan. Ìpín 60, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án àfi bí ẹ bá pé ọdún 50, tàbí bí àìsàn bá dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún 2025, PenCom yí orúkọ ètò náà padà sí Personal Pension Plan, nítorí náà ẹ ní kí aṣojú fi ìlànà tó wà lóde báyìí hàn yín lórí ìwé, kí ẹ rí ìpín náà fúnra yín. Orí 60 àti 40 ni mo gbé ìṣirò tèmi lé.

Ẹ wá jẹ́ ká wo iṣẹ́ yín. Ẹ ní oṣù dáadáa máa ń mú ₦150,000 wá. Nínú iṣẹ́ aṣọ níbí, mo gbà pé irú oṣù bẹ́ẹ̀ tó mẹ́rin lọ́dún: oṣù Kọkànlá àti Kejìlá tí ìgbéyàwó àti Kérésì ń pàdé ara wọn, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó sì ti gba owó, àti bíi méjì mìíràn nígbà Àjíǹde àti Iléyá. Ẹ jẹ́ ká fún oṣù márùn-ún ní ₦60,000, ká sì fi mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀dá, ní ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦600,000, ₦300,000 àti ₦60,000, àròpọ̀ rẹ̀ ₦960,000 lọ́dún. Bí ẹ bá ń san ₦8,000 lóṣooṣù, ₦96,000 ni lọ́dún, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo èrè yín. Kò dà bí ohun tó wúwo. Ṣùgbọ́n ní oṣù ọ̀dá, ₦8,000 nínú ₦20,000 jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún. Kò sí ìyá ọlọ́mọ tó máa san ìyẹn kí ó tó ra gàrí. Ẹ ò ní san án ní oṣù Kìíní, ojú á tì yín ní oṣù Kejì láti yọjú sí akápò, tó bá sì di oṣù Kẹta, ẹ ti gbà pé pẹ́ńṣàn kì í ṣe fún irú wa. Ní oṣù Kejìlá ẹ̀wẹ̀, tí ₦150,000 wà lọ́wọ́, ₦8,000 kan náà lẹ san, ìyókù sì bá ìnáwó ọdún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ kí ọdún tó yí po. Kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí àìmoye ló fà á. Wọ́n so owó mọ́ oṣù, nígbà tí owó oníṣẹ́ ọwọ́ kì í bá oṣù rìn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ so ó mọ́ ni iṣẹ́ tó bá jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó aṣọ kan kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oníbàárà á san àsansílẹ̀ nígbà tó bá mú aṣọ wá, á sì san ìyókù lọ́jọ́ tó bá wá gbé e. Ẹ má yọ kọ́bọ̀ kan fún pẹ́ńṣàn nínú àsansílẹ̀. Owó yẹn ló ń ra òwú, síìpù, aṣọ abẹ́ àti epo jẹnẹrétọ̀, àti pé títí aṣọ á fi jáde, gbèsè ni. Bí aṣọ bá bàjẹ́, ẹ máa dá a padà ni. Ìyókù tí wọ́n san lọ́jọ́ ìgbéṣọ ni èrè iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ gba ₦15,000 lórí bùbá àti ìró kan, kí ₦5,000 àsansílẹ̀ ti bá ohun èlò lọ, kí ₦10,000 kù. Bí ẹ bá ṣe ń gba ₦10,000 yẹn lọ́wọ́ oníbàárà, ₦1,000 ti kúrò níbẹ̀. Inú ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n ni kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ kọ “ìyókù” sí: ẹ fa ìlà kan, kí ẹ kọ P àti iye rẹ̀. Gbogbo aránṣọ ló ń ṣí ìwé yẹn lójoojúmọ́, kò ní di ohun àgbàgbé. Bí iṣẹ́ ò bá jáde, kò sí P kankan, ẹ ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ẹ má fi ₦1,000 ránṣẹ́ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, torí báńkì á máa gé owó ìfiránṣẹ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ kó o jọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ ṣírò àwọn P inú ìwé, ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù kan. Owó tó bá ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, ìnáwó mìíràn á ti wá a wá.

Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ₦96,000 náà ló máa wọlé lọ́dún, àmọ́ ẹ wo bó ṣe wọlé: ₦15,000 ní oṣù dáadáa kọ̀ọ̀kan, ₦6,000 ní oṣù ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ₦2,000 ní oṣù ọ̀dá. Oṣù dáadáa mẹ́rin nìkan ti mú ₦60,000 wá, ìpín 40 inú rẹ̀ sì jẹ́ ₦24,000. Bí ọ̀dá bá dé ní oṣù Kìíní títí dé ìkẹta, ẹ lè gba ₦8,000 lóṣù nínú rẹ̀ láti fi gbé ṣọ́ọ̀bù ró. Iye kan náà tí wọn ìbá ti máa gbà lọ́wọ́ yín ló wá ń padà sọ́dọ̀ yín, tí ìpín ọjọ́ ogbó kò sì mira. Ọdún tí ọ̀dá ò bá le, ẹ fi ìpín 40 sílẹ̀ níbẹ̀. Ìlànà gbà yín láyè láti sọ ọ́ di ti ọjọ́ ogbó bí ẹ bá fẹ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín sí ni kí ẹ má máa lọ gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ torí pé ó ṣeé gbà. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ yín ní ìparí ọdún, tí ìpín náà ṣófo, tí ọdún náà kò sì burú, a jẹ́ pé owó ọbẹ̀ lẹ ti sọ ọ́ dà.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ lórí ohun tí èyí máa dà. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ṣe é fún ọdún 17, títí ẹ ó fi pé 60, ká sì fi èrè àti ọ̀wọ́n ọjà sílẹ̀ ná. ₦96,000 lọ́nà 17 jẹ́ ₦1,632,000. Bí ẹ bá ti ná ìpín 40 tán, ₦979,200 ló kù. Bí a bá pín ìyẹn sí oṣù 240, ìyẹn ogún ọdún lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, kò ju ₦4,080 lóṣù lọ. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kan ìpín 40 rárá, ₦6,800 ni. Aṣojú kankan ò ní sọ èyí fún yín nínú ìpàdé ẹgbẹ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní Nàìjíríà láti 2024 jẹ́ ₦70,000, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní ₦23,000. Bí owó inú àkáǹtì ò bá lè bí pẹ́ńṣàn tó tó ìyẹn lóṣù, ìlànà gba èèyàn láyè láti kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá máa gbé yín dé: owó tó tó ṣe ohun kan gidi lọ́jọ́ ogbó, kì í ṣe owó oṣù tó lè bọ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó sún mọ́ ₦23,000 yẹn lóṣù ní láti fi ohun tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ sílẹ̀, mi ò sì rò pé ó ṣeé ṣe fún yín nísinsìnyí tí àwọn ọmọ ṣì wà ní iléèwé. Bí wọ́n bá jáde tán, ẹ sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá di ìdá kan nínú márùn-ún. Kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ gba owó náà ní 50. Ọjọ́ orí yẹn ló ṣí ìlẹ̀kùn, kò lé yín gba ibẹ̀ wọlé.

Mo fi èrè àti ọ̀wọ́n ọjà sílẹ̀ nínú ìṣirò yẹn torí pé wọ́n ń fa ara wọn ní òdìkejì. Ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó pẹ́ńṣàn rà, ó ń jèrè, kò sì léwu púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí 2024, ọ̀wọ́n ọjà wọ 34.80 nínú 100 lọ́dún nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, èrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò sì lè sáré bá a. Owó tó jókòó lọ́dún yẹn pọ̀ sí i ní iye, ó dín kù ní agbára. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ wo àǹfààní tó wà nínú kí ẹ má so mọ́ iye kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦2,000 lóṣù ní 2019, tó sì ń san ₦2,000 títí di òní, owó rẹ̀ ti di yẹpẹrẹ. Ẹni tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó ń gbà lórí bùbá, bí owó ìránṣọ ṣe ń gòkè ni owó pẹ́ńṣàn rẹ̀ ń gòkè, láìjẹ́ pé ó tún ìpinnu kankan ṣe.

Nítorí ọ̀wọ́n ọjà yìí ni mi ò ṣe ní kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kan á sọ pé kí ẹ ra ilẹ̀ lọ́nà Ìjàrẹ́ tàbí Ọ̀bá-Ilé dípò rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìdí, torí ilẹ̀ máa ń bá ọ̀wọ́n ọjà gòkè. Ṣùgbọ́n ₦1,000 ò ra ilẹ̀, ilẹ̀ kì í sì í ṣeé gé tà nígbà tí ẹ bá nílò ₦8,000 fún owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fi ìkánjú tà á, àdánù ni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹbí méjì tó ń ta ilẹ̀ kan. Bí ọ̀nà bá là ní oṣù Kejìlá kan tí owó ńlá wọlé, ẹ wò ó. Kí pẹ́ńṣàn ṣì máa lọ lábẹ́lẹ̀.

Ní ti àjọ, ẹ má fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àjọ ń ṣe yàtọ̀. Bí ẹ bá ń dá ₦1,000 lóòjọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ẹ ó sì gba ₦29,000. Kò jèrè, ó tilẹ̀ dín díẹ̀, ṣùgbọ́n alájọ ń wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń fa ìlà lórí káàdì lójú yín, ohun tí ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣàn kankan ò lè ṣe fún yín. Àjọ ni kí ẹ fi tún òwò ṣe: orí máṣíìnì, òwú tí ẹ bá fẹ́ rà lọ́pọ̀, owó iléèwé tó ní ọjọ́. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti yá owó máṣíìnì ńlá, torí ìpín 40 ò lè rà á. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ fi owó ọjọ́ ogbó sínú àjọ. Alájọ kan ṣoṣo ló mú gbogbo káàdì yẹn lọ́wọ́, bí nǹkan bá ṣe é, kò sí PenCom tí ẹ máa lọ bá. Oṣù oṣù náà ni àjọ sì ń parí, lọ́wọ́ yín ló ń parí sí, àwọn ọmọ sì ti mọ ọjọ́ tó máa ń bọ́ sí. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò lè kó P jọ fúnra yín, ẹ lè dá a fún alájọ lórí káàdì ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá kó o ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ tó kúrò lórí àga.

Ó ku ibi kan lórí fọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn máa ń fi ìkánjú kọ, ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ìbátan tó sún mọ́ yín jù. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló máa gba owó náà bí wọ́n bá kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni yẹn ni ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣàn máa pè. Bí ẹ bá ti ṣe ìwé ìhágún, ẹni tí ẹ dárúkọ níbẹ̀ ló ni owó. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, àwọn ẹbí yín máa ní láti lọ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga, ìyẹn sì ń gba àkókò àti owó, pàápàá bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ nínú ilé tàbí tí àwọn ọmọ bá jẹ́ ti bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà kan ní Àkúré iye tí ìwé ìhágún kékeré máa jẹ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà PEN yín sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ti dàgbà mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣàn náà àti ibi tí ìwé ìwọ̀n yẹn wà.

Kó tó di ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, ẹ bá alága sọ ọ́ pé kí wọ́n ní kí aṣojú náà yọ ₦8,000 kúrò lórí ìwé, kí ó sì jẹ́ kí kálukú kọ ìdá tó bá fẹ́ yọ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, kò sí ẹni tó so ẹgbẹ́ yín mọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n pọ̀ lọ́nà Ọba Adésìdá.